Ráútà Tó Ń Ṣàdéédéé Kú Tó Tún Ń Tan Ara Rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Wádìí Ooru, Eruku àti Iná Tí Kò Dúró Sójú Kan

Bí ráútà bá ń ṣàdéédéé kú tó sì tún ń tan ara rẹ̀ padà, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọn a pe iléeṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún wọn, wọn a bá wọn fa ọ̀rọ̀ náà títí, nígbà tó bá sì sú wọn, wọn a ra ráútà tuntun, wọn a gbé e sí ibi tí ti àtijọ́ wà gan-an, wọn a sì kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, àìsàn náà a tún padà dé. Nínú iṣẹ́ àtúnṣe tí mo ń ṣe ní Ìbàdàn, ohun mẹ́ta ni mo máa ń bá nídìí ọ̀rọ̀ yìí jù lọ: ooru tí kò rí ọ̀nà jáde, eruku tó dí ihò atẹ́gùn, àti iná tí kò dúró sójú kan. Ojú kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń hàn síni, nítorí pé ráútà á kú, á sì tún jí. Àmọ́ wákàtí tí wọ́n ń dé yàtọ̀ síra, ibẹ̀ gan-an la ó ti mú wọn.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ráútà ló ń kú

Íńtánẹ́ẹ̀tì lè já láìjẹ́ pé ráútà kú rárá, àtúnṣe méjèèjì kò sì jọra. Bí ó bá jẹ́ pé láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ni ìlà ti já, orúkọ Wáífáì yín yóò ṣì máa hàn lórí fóònù, àwọn iná wínníwínní tó wà lójú ráútà yóò sì wà ní títàn, àfi èyí tó dúró fún íńtánẹ́ẹ̀tì, tí yóò kú tàbí tí yóò pọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé ráútà fúnra rẹ̀ ló kú, gbogbo iná náà ni yóò lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn yóò sì máa padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ Wáífáì yóò sì pòórá lórí fóònù fún bí ìṣẹ́jú kan sí méjì.

Ẹ kò lè jókòó tì í ní gbogbo ìgbà, nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ráútà jẹ́rìí sí ara rẹ̀. Ẹ ṣí ojú ìwé tí wọ́n fi ń ṣètò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Àdírẹ́sì rẹ̀ sábà máa ń wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ráútà, ó sì lè jẹ́ `192.168.0.1` tàbí `192.168.1.1`. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `Uptime` tàbí `System Up Time` sí. Nọ́ńbà yìí ń ka iye àkókò tó ti kọjá láti ìgbà tí ráútà ti tàn gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti àná, tó sì ń sọ pé `00:42:10`, a jẹ́ pé ìṣẹ́jú 42 sẹ́yìn ló kú gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá tún rí `System Log`, ìyẹn ìwé tí ráútà ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i sí, ẹ wo déètì ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ráútà kò ní bátìrì tó ń tọ́jú aago, nítorí náà, bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, déètì àtijọ́ bí `1970-01-01` ni wọ́n máa ń kọ títí wọn yóò fi rí aago tòótọ́ gbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí déètì inú ìwé náà bá ṣàdéédéé fò padà sí irú déètì bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ráútà ti kú, ó sì ti jí nìyẹn.

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà oní-Windows tún lè máa kan ráútà lára láti ìṣẹ́jú àáyá dé ìṣẹ́jú àáyá. Wáyà ni kí ẹ fi so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà, kí ó má di pé Wáífáì tí kò lágbára ló ń tàn yín jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí `Command Prompt` lórí kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ tẹ èyí, àmọ́ àdírẹ́sì ráútà tiyín ni kí ẹ kọ sí i:

```
ping -t 192.168.0.1
```

Bí ìdáhùn ráútà bá dáwọ́ dúró fún bí ìṣẹ́jú kan kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀, ráútà ló kú. Bí ó bá ń dáhùn láìdáwọ́ dúró nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ti lọ, ẹ padà sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ yín. Ohun tó kù nínú ìtọ́sọ́nà yìí kò kàn yín.

Ìwé ọjọ́ mẹ́ta

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ fi ìwé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbàkígbà tó bá kú, ẹ kọ aago sílẹ̀, ẹ kọ irú iná tó wà nílé lásìkò náà, bóyá ti ìjọba, ti jẹnẹrétọ̀ tàbí ti ínfátà, kí ẹ sì kọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Ẹ má tíì gbé e kúrò níbi tó wà, ẹ má sì tíì nù ún.

Ikú tó ti ọwọ́ ooru wá kì í sábà dé ní kùtùkùtù. Ọ̀sán ló ń dé, lẹ́yìn tí ráútà ti ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bó bá sì ti kú lẹ́ẹ̀kan, ìkejì kì í pẹ́ tó ti àkọ́kọ́, nítorí pé ara rẹ̀ kò tíì tutù kó tó tún gbé iṣẹ́ rù. Ikú tó ti ọwọ́ ṣájà wá, ìyẹn adápítọ̀ kékeré tí à ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kì í wo oòrùn; ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá jọ ń lo ráútà ló ń dé. Èyí tó ti ọwọ́ iná ilé wá máa ń bá nǹkan mìíràn rìn: wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná wá, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un lọ, tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra. Eruku kò ní wákàtí tirẹ̀. Ooru ló ń bá ṣiṣẹ́.

Màmá kan tó ní ilé ìtẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá ló jẹ́ kí n rí bí ooru, ṣájà àti iná ilé ṣe lè jọ wọlé sára ráútà kan ṣoṣo. "Ọmọ mi, ráútà kẹta rèé láàárín ọdún méjì," ni ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi. Mo ní kí wọ́n bá mi kọ ìwé ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ Ajé, ráútà kú ní agogo 12:50, 1:45, 2:20 àti 2:40 ọ̀sán, ó sì tún kú ní 7:05 alẹ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kú ní 10:15 àárọ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ló jọ ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ti ọ̀sán tún dé ní 1:10, 1:55 àti 2:25. Ní Ọjọ́rú, ti ọ̀sán kò yẹ̀, ó sì tún kú ní 7:20 alẹ́: "iná lọ, ínfátà gbé e, gílóòbù ò tilẹ̀ ṣẹ́jú."

Ẹ wo àlàfo ti ọjọ́ Ajé: ìṣẹ́jú 55, lẹ́yìn náà 35, lẹ́yìn náà 20. Ooru nìyẹn. Ti 10:15 àárọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, kò lè jẹ́ ooru. Ti alẹ́ sì ń tẹ̀lé iná tó lọ.

Ẹ gbé e síta fún wákàtí 24

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá gbé ráútà kúrò, tí ẹ nù ún, tí ẹ sì pààrọ̀ ṣájà rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ó lè dáwọ́ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò ní mọ èwo nínú wọn ló wò ó sàn.

Ibi tí mo ti bá ti màmá yìí ni inú kọ́bọ́ọ̀dù onígi lábẹ́ káńtà, tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì nítorí olè. Orí àpótí tó ń gba àwòrán kámẹ́rà sílẹ̀ ló sùn lé, ínfátà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo fi òṣùwọ̀n ooru kékeré sínú rẹ̀ ní agogo méjì ọ̀sán: nínú ṣọ́ọ̀bù, 32°C, nínú kọ́bọ́ọ̀dù, 49°C. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé tó bá ráútà náà wá ni pé kí afẹ́fẹ́ tó yí i ká má ju 40°C lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀pọ̀ ráútà ilé rí. Ṣíìpù inú rẹ̀ máa ń gbóná ju afẹ́fẹ́ ìta lọ dáadáa. Bí ìta bá ti wà ní 49°C, kò sí ibi tí ooru ṣíìpù náà fẹ́ sá gbà.

Ọ̀pọ̀ ráútà ilé kò ní fáànù. Afẹ́fẹ́ tútù ń gba ihò ìsàlẹ̀ tàbí ti ẹ̀gbẹ́ wọlé, èyí tó ti gbóná ń gòkè, ó sì ń gba òkè jáde. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí á tẹ́ ẹ sórí aṣọ, sórí kápẹ́ẹ̀tì tàbí sórí díkódà, tí kò sì yẹ kí á da aṣọ olówùú tí a fi ń ṣe tẹlifíṣọ̀n lẹ́wà bò ó. Bí lẹ́yìn rẹ̀ bá ní ihò méjì fún síkírúù, ara ògiri ló dára jù fún un, kí àyè tó tó sẹ̀ǹtímítà 10 sì wà ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má gbé e lọ sítòsí àjà ilé tó jẹ́ páànù, nítorí pé ibẹ̀ ni ooru ń kó jọ sí lọ́sàn-án, ẹ má sì fi í síbi tí oòrùn ojú fèrèsé ti lè bà á.

Kí ẹ tó lu ògiri, ẹ kọ́kọ́ gbé e sórí tábìlì gbalasa fún wákàtí 24, kí ẹ sì máa kọ ìwé yín lọ. Ní Mọ́kọ́lá, gbogbo ti ọ̀sán dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà. Ti alẹ́ kò dúró. Nígbà tó yá, màmá ní kí wẹ́dà ṣe àgò onírin kan tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, a fi kọ́ ráútà sára ògiri, a sì fi kọ́kọ́rọ́ sí i, tórí ẹ̀rù olè tó gbé ráútà wọ kọ́bọ́ọ̀dù lákọ̀ọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń ra fáànù kékeré, wọn a sì ti wáyà rẹ̀ bọ ihò USB ara ráútà fúnra rẹ̀. Mi ò fọwọ́ sí i. Ara ṣájà ráútà kan náà ni fáànù yẹn yóò ti máa jẹun, bí ṣájà náà bá sì ti rẹ̀, ẹ ti fi kún ẹrù rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lo fáànù, ẹ fún un ní ṣájà fóònù tirẹ̀.

Eruku

Lásìkò ọyẹ́, eruku tó wọ ihò ráútà láàárín oṣù méjì lè ju ti gbogbo ọdún tó kù lọ. Ẹ yọ ṣájà kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ gbogbo wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ya fọ́tò ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Búrọ́ọ̀ṣì tuntun tí wọ́n fi ń kun ọ̀dà, èyí tí irun rẹ̀ rọ̀, ni kí ẹ fi gbá àwọn ihò náà. Ẹ dojú ihò kọlẹ̀ bí ẹ ti ń gbá a, kí eruku lè já bọ́ síta dípò kó wọlé. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́. Ẹ má sì fi omi tàbí kẹrosíìnì nù ún.

Ẹ fi iná fóònù yẹ inú ihò náà wò. Bí ẹ bá rí eruku tó ti dì bí òwú, tàbí ìgbẹ́ ọmọ́nlé, tàbí èèrà tó ń wọlé tó ń jáde, a jẹ́ pé búrọ́ọ̀ṣì ìta nìkan kò tó. Ṣíṣí ráútà sì máa ń ba gàráńtì rẹ̀ jẹ́, nítorí náà, èyí tí gàráńtì rẹ̀ kò tíì tán, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Bí ó bá ti tán, ẹ wá síkírúù lábẹ́ àwọn ẹsẹ̀ rọ́bà àti lábẹ́ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ṣọ́ra fún wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sí ọ̀pá Wáífáì bí ẹ bá ti ń gbé ìdérí kúrò. Ẹ gbá eruku kúrò lára irin pẹlẹbẹ tó lẹ̀ mọ́ ṣíìpù, torí irin náà ló ń fa ooru kúrò lára rẹ̀. Bí inú rẹ̀ ti wà ní ṣíṣí, ẹ wo àwọn kapásítọ̀, àwọn ohun kékeré rìbìtì tó rí bí agolo tómáàtì. Orí wọn yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tí orí rẹ̀ bá wú, tàbí tí omi pupa rúsúrúsú bá jáde lára rẹ̀, ti kú, ẹni tó mọ irin jó ló lè pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣájà

Ṣájà ni mo máa ń bá nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí jù, òun ni àwọn ènìyàn sì máa ń fura sí kẹ́yìn, nítorí pé iná ara ráútà ń tàn. Inú ṣájà náà ní kapásítọ̀, ooru sì ń gbẹ ohun olómi tó wà nínú wọn díẹ̀díẹ̀. Ṣájà tó ti gbẹ báyìí yóò máa gbé ráútà tí kò ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, fóòtì rẹ̀ yóò já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ráútà yóò sì kú.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ti màmá sọ pé `OUTPUT: 12V 1A`. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n láìkì í bọ ráútà: ó mú 12.2 wá. Bí mo bá dúró níbẹ̀, ǹ bá ní ara rẹ̀ dá. Mo wá fi wáyà ẹlẹ́ka méjì sí i, ẹ̀ka kan lọ sínú ráútà, mo fi mítà di ẹ̀ka kejì mú, mo sì ní kí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù máa gba fáìlì ńlá sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mẹ́rin. Mítà ń já bọ́ sí 10.4. Lójú tèmi, ṣájà oní-12 tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 11.4 nígbà tí iṣẹ́ wà lórí rẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Ẹni tí kò bá ní mítà lè yá ṣájà tó dára fún ọjọ́ méjì, kí ó sì wò ó bóyá ikú náà yóò dáwọ́ dúró.

Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, fóòtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu gẹ́lẹ́, àmọ́ áńpù rẹ̀ lè bá a dọ́gba tàbí kó jù ú lọ: ráútà tó fẹ́ 12V 1A lè lo 12V 1.5A láìsí ewu, nítorí pé ìwọ̀n tó nílò nìkan ni yóò fà. Ẹ wo àwòrán kékeré tó fi ibi tí `+` wà hàn lára àtijọ́ àti tuntun, kí wọ́n bára mu. Ẹnu rẹ̀ náà ní ìwọ̀n, nítorí pé èyí tí ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2.1 àti èyí tó jẹ́ 2.5 jọra lójú, ṣùgbọ́n ìkejì á máa mì nínú ráútà tí ẹnu rẹ̀ wà fún ti àkọ́kọ́, mímì náà nìkan sì tó láti máa pa á. Ẹ má ṣí ṣájà fúnra rẹ̀ láti tún un ṣe. Iná tó lè gbéni ṣubú ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́.

A ra 12V 1.5A. Ti àárọ̀ kò tún padà wá.

Iná ilé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní kí á ra sitẹbiláísà. Ẹ kọ́kọ́ wo ara ṣájà. Bí wọ́n bá kọ `INPUT: 100-240V~50/60Hz` sí i, iná tó rọ wá sí 150 kì í ṣe ìṣòro rẹ̀, nítorí pé ṣájà náà ń bójú tó ìyẹn fúnra rẹ̀. Sitẹbiláísà tó ń dún "kàn, kàn" tilẹ̀ máa ń gé iná fún ìgbà bíńtín nígbàkígbà tó bá ń yí padà. Ohun tó ń pa ráútà ni iná tó gé fún ìgbà díẹ̀, àti iná tó dé pẹ̀lú agbára àpọ̀jù. Fún ìkejì yìí, ẹ̀rọ tó ń dínà iná àpọ̀jù wúlò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ti màmá ní 7:20 alẹ́ rú àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù lójú, nítorí pé ínfátà gbé iná, gílóòbù kò sì kú. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kì í rí gbogbo rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ínfátà, ètò méjì ló wà tí wọ́n ń kọ ní `UPS` àti `APL`. Ní `UPS`, ínfátà ń bọ́ sórí bátìrì láàárín nǹkan bí ìdá 10 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá; ní `APL`, ó tó ìlọ́po méjì ìyẹn. Ṣájà tó dára lè fara da méjèèjì, àmọ́ èyí tó ti ń gbẹ kò lè fara dà á. Ó tún ku ibì kan: ní `UPS`, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba iná tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 170V, bátìrì ni wọn á máa jẹ. Iná àdúgbò náà kì í sábà dé 170 lálẹ́, nítorí náà, màmá kò gbà kí n yí i sí `UPS`, mo sì rí i pé wọ́n jàre.

Lẹ́yìn tí a pààrọ̀ ṣájà, ikú alẹ́ dín kù, àmọ́ kò tán. A wá ra bátìrì kékeré tí wọ́n ṣe fún ráútà, tó ń dúró láàárín ṣájà àti ráútà, tí kò sì ní ohun tó ń yí padà rárá nígbà tí iná bá lọ. Bí ẹ bá ń rà á, ẹ rí i pé ẹnu tó ń mú 12V jáde wà lára rẹ̀ bí ráútà yín bá jẹ́ oní-12V, kí áńpù rẹ̀ sì tó. Ẹ lè ṣírò bí yóò ti pẹ́ tó: èyí tí wọ́n kọ 8,800mAh sí lára, tí bátìrì inú rẹ̀ jẹ́ 3.7V, ní nǹkan bíi wáàtì 32 fún wákàtí kan. Bí ẹ bá yọ ohun tó ń ṣòfò kúrò, ó kù bíi 26, ráútà tó ń jẹ wáàtì 8 á sì lò ó fún wákàtí mẹ́ta lé díẹ̀. Ẹ má gbé e sábẹ́ ráútà. Òun náà ń gbóná.

Bí ó bá ṣì ń kú

Bí ráútà bá wà lórí tábìlì gbalasa níbi tó tutù, tó ní ṣájà tó dára, tí bátìrì kékeré náà wà láàárín wọn, tó sì ṣì ń kú, ẹ padà wo ìwé yín. Bí ó bá jẹ́ aago kan náà lóru ni, bíi agogo mẹ́ta ìdájí lójoojúmọ́, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `Reboot Schedule` tàbí `Auto Update` sí lójú ìwé ètò rẹ̀; ẹnì kan ló ti pàṣẹ fún un láti máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí aago náà kò bá ní ìlànà kankan, ẹ gba `Firmware` tuntun, ìyẹn ètò inú tó ń darí ráútà, láti ojúlé iléeṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ fi sí i, kí ẹ kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà íńtánẹ́ẹ̀tì yín sílẹ̀, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì `Reset` mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí kò bá gbọ́ ìyẹn náà, inú ráútà gan-an ló ti bàjẹ́, ìgbà yẹn ni owó ráútà tuntun tó ó ná.